Fídíò Ìdirun: Ṣáájú àti Lẹ́yìn

Fún fídíò tí onídìrí fẹ́ fi polówó ṣùkú, ìṣẹ́jú àáyá 30 tó. Àáyá 5 àkọ́kọ́ máa ń fi irun tí wọ́n ti fọ̀, tí wọ́n sì ti yà hàn, láti iwájú dé ìpàkọ́. Ohùn onídìrí á sọ pé: “Ṣùkú la fẹ́ fi irun yìí dì lónìí.” Àáyá 15 tó tẹ̀ lé e jẹ́ ti iṣẹ́ ọwọ́: bí òòyà ṣe ń la orí, bí ìka ṣe ń fi atáṣímẹ́ǹtì kún un díẹ̀díẹ̀, títí gbogbo ìdì á fi pàdé ní àtàrí. Ní àáyá 10 tó kù, oníbàárà á rọra yí orí, ohùn á sì sọ iye owó àti wákàtí tí iṣẹ́ náà gbà.

Orí ìmọ́lẹ̀ ni òótọ́ fídíò yìí dúró lé. Ìjókòó kan náà, fèrèsé kan náà, àyè kan náà láàárín fóònù àti orí ló yẹ kó wà nígbà méjèèjì. Bí àwọ̀ ògiri ẹ̀yìn bá yí padà, ìmọ́lẹ̀ ló yí padà, òǹwòran ò sì ní mọ èyí tó jẹ́ iṣẹ́ onídìrí.

Bí èéwo kéékèèké bá yọ létí irun, ìdì náà ti le jù. Ẹ má fi àwòrán dídán bò ó. Ẹ tú u, kí ẹ tún un dì. Ẹ sì gba àṣẹ oníbàárà kí ẹ tó gbé ojú rẹ̀ jáde.