Ìwé Tí Mo Kọ sí Aládùúgbò Nítorí Jẹnẹrétọ̀ Òru

Ooru mú, iná ìjọba ò dúró, jẹnẹrétọ̀ ni gbogbo wa gbójú lé. Àwọn kan nínú yín ti bi mí pé báwo ni mo ṣe bá aládùúgbò wa n'Ìbàdàn yanjú ọ̀rọ̀ ariwo òru láìjà. Ìwé ni mo kọ. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe lọ.

Ọ̀nà tóóró kan ló wà láàárín ilé wa àti tiwọn, kò ju ẹsẹ̀ bàtà 6 lọ. Ibẹ̀ ni wọ́n máa ń gbé jẹnẹrétọ̀ kékeré wọn sí, irú èyí tí àwọn èèyàn fi ṣẹ̀fẹ̀ sọ ní "mo sàn ju aládùúgbò mi lọ". Fèrèsé yàrá màmá mi ló kọjú sí i. Màmá ti lé ní ọmọ 80 ọdún, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru, dókítà sì ti kìlọ̀ pé kí wọ́n máa sùn dáadáa. Tí ẹ̀rọ yẹn bá ti ń dún, etí ibùsùn ni wọ́n á jókòó sí títí wọ́n á fi pa á.

Ìwé àkọ́kọ́ tí mo kọ, mo fà á ya. Aago 2 òru ni mo kọ ọ́, inú sì ń bí mi. Mo ní, "Gbogbo òru lẹ kì í jẹ́ ká sùn, ẹ ò tiẹ̀ ro tẹlòmíì." Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ tí mo tún un kà, mo rí i pé kò sí ohun tí ẹni tó bá gbà á lè ṣe ju kó gbèjà ara rẹ̀ lọ. "Gbogbo òru" kì í ṣe òótọ́, òun náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Irọ́ kékeré yẹn nìkan ló máa dá lóhùn, yóò sì fi ìyókù sílẹ̀.

Ni mo bá mú ìwé àwọn ọmọ kan, mo ń kọ aago tí wọ́n tan ẹ̀rọ àti aago tí wọ́n pa á sílẹ̀ fún ọjọ́ 7. Ọjọ́ 4 péré ló kọjá aago 11 alẹ́. Mo tún fara balẹ̀ wo ohun tí wọ́n ń tan iná náà fún. Ṣé ẹ rí i, kì í ṣe fáàjì. Ìyàwó ilé náà ń ta ẹja yìnyín, fìrísà ló ń gbé iná. Tí mo bá wá ní kí wọ́n ṣáà pa á, bí ẹni ní kí wọ́n da ọjà wọn nù ló máa rí létí wọn.

Àmọ́ fìrísà tó kún, tí ẹja inú rẹ̀ ti gan, tí ẹnikẹ́ni ò sì ṣí, lè dúró bẹ́ẹ̀ fún nǹkan bíi wákàtí 48 láìsí iná. Tó bá jẹ́ ààbọ̀ rẹ̀ ló kún, nǹkan bíi wákàtí 24 ni. Láti aago 11 alẹ́ sí aago 5 ìdájí kò ju wákàtí 6 lọ. Ibi tí èyí ò ti ṣiṣẹ́ ni ọjọ́ tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kó ẹja tuntun sí i, tí kò tíì gan.

Ohun kejì tí mo wò ni ibi tí wọ́n gbé ẹ̀rọ sí. Láàárín ògiri méjì, ariwo ò ríbi lọ. Tó bá kọlu èyí, á ta padà sí tọ̀hún. Ẹnu èéfín rẹ̀ kọjú sí fèrèsé màmá gan-an. Mo sì tún ń gbọ́ ìró kan bíi ti agolo lórí ìró ẹ̀rọ fúnra rẹ̀: nọ́ọ̀tì sàìlẹ́ńsà ló ti tú. Ẹ̀yìn ilé wọn ní àyè gbalasa lẹ́bàá ọgbà, tó jìnnà sí fèrèsé gbogbo wa tó ẹsẹ̀ bàtà 25.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí kí n tó tẹ̀ síwájú. Ẹ má ṣe sọ fún ẹnikẹ́ni láéláé pé kó gbé jẹnẹrétọ̀ wọ ilé ìdáná tàbí kọ́rídọ̀ kí ariwo lè dínkù. Afẹ́fẹ́ olóró tó wà nínú èéfín rẹ̀ kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, ó sì ń pa èèyàn lójú oorun. Ó kéré tán, kó fi ẹsẹ̀ bàtà 20 jìnnà sí ilẹ̀kùn àti fèrèsé.

Ìwé tí mo wá kọ nìyí:

"Ẹ̀gbọ́n wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìtọ́jú ilé. A ò gbàgbé omi kànga tí ẹ ní ká máa pọn nígbà tí ẹ̀rọ omi wa bàjẹ́. Ẹ má bínú pé ìwé ni mo kọ; ẹ máa ń jáde kí ilẹ̀ tó mọ́, n ò sì fẹ́ dá yín dúró lójú ọ̀nà.

Ọ̀rọ̀ jẹnẹrétọ̀ ni. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó kọjá aago 11 alẹ́ lọ́jọ́ Ajé, Ọjọ́rú, Ọjọ́bọ̀ àti Àbámẹ́ta. Fèrèsé màmá ló kọjú sí i, wọn ò sì rí oorun sùn lálẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Mo mọ̀ pé nítorí ẹja ni, a ò sì fẹ́ kí ọjà bàjẹ́.

Ẹ̀bẹ̀ mi ni pé, lọ́jọ́ tí ẹja bá ti gan, ẹ bá wa pa á láago 11. Lọ́jọ́ tí kò bá ṣeé pa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká gbé e sẹ́yìn ilé lẹ́bàá ọgbà. Wáyà tó nípọn la máa nílò tó fi máa dé ibẹ̀. Èmi á san ìdajì owó rẹ̀. Mo tún gbọ́ ìró kan tó jọ pé nọ́ọ̀tì sàìlẹ́ńsà ti tú.

Tí àwa náà bá ń ṣe ohun tó ń ni yín lára, ẹ má fi pamọ́ fún wa.

Èmi àbúrò yín, ará ilé kejì."

Òfin ariwo wà ní Nàìjíríà láti ọdún 2009, ṣùgbọ́n n ò dárúkọ rẹ̀. Ẹni tó bá ti gbọ́ òfin nínú ìwé àkọ́kọ́, ilé ẹjọ́ lọ́kàn rẹ̀ á lọ. N ò sì fi í sórí fóònù níbi tí gbogbo àdúgbò ti ń kà, n ò rán ọmọ. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú ni mo mú un lọ fúnra mi, nígbà tí ẹ̀rọ ò dún. Mo dọ̀bálẹ̀ kí wọn, mo fún wọn, mo bá tèmi lọ.

Wọn ò sọ nǹkan kan lálẹ́ ọjọ́ yẹn, àyà mi ń já. Ọjọ́ kejì ni wọ́n kan ilẹ̀kùn. Wọ́n ní, "Àbúrò, kí ló dé tó ò ti sọ látìgbà yìí? Mo ṣebí màmá ń sùn sí yàrá iwájú ni." Wọ́n ní ti aago 11 ò burú, àfi Ọjọ́bọ̀, torí ọjọ́ yẹn ni ẹja tuntun máa ń dé, ẹ̀rọ ní láti ṣiṣẹ́ di aago 1. Mo gbà. Réwáyà yan wáyà tó lè gbé iná fìrísà, a dá owó rẹ̀, wọ́n gbé ẹ̀rọ lọ sẹ́yìn lórí táyà àtijọ́ kó má máa mi ilẹ̀, wọ́n sì so nọ́ọ̀tì le.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, oorun gbé wọn lọ, ẹ̀rọ dún mọ́jú. N ò kọ ìwé kejì. Láàárọ̀, kí n tó kí wọn tán, àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ bẹ̀bẹ̀.

Màmá ní àwọn ṣì ń gbọ́ ọ lọ́jọ́bọ̀, ṣùgbọ́n bí òjò tó ń rọ̀ ládùúgbò ẹlòmíì ni, àwọn sì ń sùn.