Dídín Owó Orí Kù àti Jíjí Owó Orí

Ọ̀nà méjì wà tí owó orí oníṣòwò fi lè kéré. Èkíní ni pé kí ó lo àyè tí òfin tìkararẹ̀ fi sílẹ̀ fún un. Èkejì ni pé kí ó fi owó tí ó wọlé pamọ́, tàbí kí ó kọ ìnáwó tí kò ná sínú ìwé. Nínú méjèèjì, owó a máa kù sí i lọ́wọ́. Nítorí náà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe kà wọ́n sí ọ̀kan náà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ṣe ti ìṣáájú kò rú òfin, ẹni tí ó sì ṣe ti ìkẹyìn, olè ni.

Kí ọ̀rọ̀ náà lè yé wa, ẹ jẹ́ kí a ro ti obìnrin aláṣọ kan ní Ìbàdàn, tí òwò rẹ̀ kì í ṣe kọ́ńpìnì, tí ó sì ń san owó orí ti ara rẹ̀ fún ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Ká ní ó ta aṣọ ₦12,000,000 ní ọdún 2026. Aṣọ tí ó tà náà, ₦7,200,000 ni ó rà á. Ó san ₦600,000 fún ṣọ́ọ̀bù, ₦720,000 fún ọmọbìnrin tí ń bá a tajà, àti ₦480,000 fún ọkọ̀ àti iná. Gbogbo ìnáwó yìí jẹ́ ₦9,000,000, èrè rẹ̀ sì jẹ́ ₦3,000,000. Lórí èrè yìí ni a ń ṣírò owó orí, kì í ṣe lórí gbogbo ọjà tí ó tà.

Òfin Owó Orí Nàìjíríà ti ọdún 2025, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kìíní ọdún 2026, kò gba nǹkan kan lórí ₦800,000 àkọ́kọ́. Lórí ₦2,200,000 tí ó tẹ̀lé e, náírà 15 ni ó ń gbà nínú ọgọ́rùn-ún. Bí obìnrin wa kò bá ṣe nǹkan mìíràn, ₦330,000 ni yóò san.

Ṣùgbọ́n òfin náà gbà pé kí ayálégbé yọ ìdá kan nínú márùn-ún owó ilé tí ó ń gbé kúrò nínú èrè rẹ̀, bí kò bá ti ju ₦500,000 lọ. Ilé rẹ̀ jẹ́ ₦600,000 lọ́dún. Nítorí náà ó yọ ₦120,000. Ó tún fi ₦180,000 sínú owó ìfẹ̀yìntì, òfin sì gbà kí ó yọ ìyẹn pẹ̀lú. Èyí tí ó kù jẹ́ ₦2,700,000, owó orí rẹ̀ sì di ₦285,000. Ó ti dín ₦45,000 kù, kò sì fi ohunkóhun pamọ́: rìsíìtì ilé àti ìwé owó ìfẹ̀yìntì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Nísisìyí, ká ní ó sọ pé kí àwọn oníbàárà san ₦1,500,000 sí àkáǹtì ọmọ rẹ̀, tí kò sì kọ ọ́ sínú ìwé. Owó orí rẹ̀ yóò wálẹ̀ sí ₦60,000. ₦225,000 tí ó kù jẹ́ owó tí ó jí. Báwo ni a ó ṣe mọ̀? Ìwé ẹni tí ó ta aṣọ fún un yóò fi hàn pé ó ra ti ₦7,200,000; agbowó-orí yóò sì béèrè ìdí tí èrè rẹ̀ fi kéré tó bẹ́ẹ̀ ju ti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Bí kò bá rí ìdáhùn tí ó tọ́, yóò ṣírò owó orí náà bí ó ti rí i sí, yóò sì fi owó ìtanràn àti èlé lé e. Ẹjọ́ sì lè tẹ̀lé e.

Ibì kan wà láàárín méjèèjì tí ẹsẹ̀ ti máa ń yọ̀. Bí ó bá ń san owó fún àbúrò rẹ̀ tí ń ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù, tí owó náà sì bá iṣẹ́ mu, ìnáwó òwò ni. Bí ó bá san owó fún àbúrò tí kò ṣiṣẹ́ rí, agbowó-orí lè pa á rẹ́ kúrò nínú ìṣirò, nítorí òfin kò ka ètò àfọwọ́dá sí. Bí kò bá tilẹ̀ san owó náà rárá, tí ó kàn kọ ọ́ sílẹ̀, irọ́ ni, ó sì ti bọ́ sí ọ̀nà kejì. Bákan náà ni owó ilé-ìwé ọmọ tí a kọ bí ìnáwó ṣọ́ọ̀bù.

Ìdánwò rẹ̀ kò le: ǹjẹ́ nǹkan náà ṣẹlẹ̀ ní tòótọ́, a sì lè fi ìwé rẹ̀ han agbowó-orí láìpa nǹkan kan mọ́? Ẹ tọ́jú ìwé yín fún ọdún mẹ́fà, nítorí iye ọdún tí ìjọba lè padà sẹ́yìn láti yẹ̀ ẹ́ wò nìyẹn. Ṣùgbọ́n níbi tí ẹ̀tàn bá wà, òfin kò fi ààlà sí i. Irọ́ lè lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a.