Ẹ Má Tíì Pa Fáìlì Yẹn Dé
Ìwé ìlàlóye fún ẹni tó ń gba ẹ̀sùn òṣìṣẹ́ ní Tòróńtò

Ohun tó mú wa tẹ ìwé yìí

Ẹ̀yin tí òṣìṣẹ́ ń kó ẹjọ́ wá bá la kọ ọ́ fún: máníjà ilé oúnjẹ, olùdarí àjọ tó ń tọ́jú àgbàlagbà nílé wọn, alága ìgbìmọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì tó ní òṣìṣẹ́ tó ń gba owó oṣù. Bí ẹ bá dé kántà wa, tí a béèrè ibi tí ìwádìí dé, ìdáhùn tí à ń gbọ́ jù ni, «A ti bá wọn parí ẹ̀.» Àgbà kan pe àwọn méjèèjì jókòó, ẹni tó ṣẹ̀ dọ̀bálẹ̀, ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ ní òun ti gbọ́, ọ̀rọ̀ bùṣe. Kò sẹ́ni tó kọ nǹkan kan sílẹ̀. Nígbà tó bá yá, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń yẹ ibi iṣẹ́ wò á dé, á ní kí wọ́n kó àkọsílẹ̀ ìwádìí wá, ọ̀gá á máa wolẹ̀.

A kò ní kí ẹ má parí ìjà. Ẹ parí ẹ̀ bó bá ṣeé parí. Ohun tí à ń sọ ni pé ìjà píparí àti ìwádìí ṣíṣe, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n, òfin Òǹtáríò kò sì gba ọ̀kan dípò èkejì.

«Obìnrin náà fúnra ẹ̀ ló ní ká fi sílẹ̀»

Ibí yìí ni wàhálà pọ̀ sí, nítorí náà ẹ fara balẹ̀ kà á.

Láti ọjọ́ 8 oṣù kẹsàn-án ọdún 2016 ni Òfin Ìlera àti Ààbò Níbi Iṣẹ́ ti Òǹtáríò ti sọ ọ́ di dandan fún agbanisíṣẹ́ láti ṣèwádìí ọ̀rọ̀ ìyọnilẹ́nu níbi iṣẹ́. Abala 32.0.7 ló wà. Ohun méjì ni abala náà dárúkọ pé a gbọ́dọ̀ wádìí: ìṣẹ̀lẹ̀ àti ẹ̀sùn. Bí kò bá sí ẹ̀sùn, ìṣẹ̀lẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Bí ẹ bá ti mọ̀ pé nǹkan ṣẹlẹ̀, iṣẹ́ ti já lé yín léjìká, yálà ẹnì kan fọwọ́ sí ìwé tàbí kò fọwọ́ sí i.

Ẹni tó bá rò pé àwa la fẹ́ mú èyí le koko, kó wo ẹjọ́ Metrolinx, àjọ ìjọba tó ni ọkọ̀ GO Transit níhìn-ín. Àwọn òṣìṣẹ́ márùn-ún ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ lórí Wáàsáàpù, lórí fóònù tiwọn, lẹ́yìn iṣẹ́. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ àlùfàǹṣá nípa àwọn obìnrin ibi iṣẹ́ wọn, pé ìbálòpọ̀ ni wọ́n fi ń rí ìgbéga. Ọ̀rọ̀ náà dé etí ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà. Ó sọ ọ́ fún ọ̀gá rẹ̀, ṣùgbọ́n kò fẹ́ kọ̀wé ẹ̀sùn. Nígbà tó yá, àjọ náà ṣèwádìí, ó sì lé àwọn márààrún.

Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ gbé ọ̀rọ̀ náà lọ síwájú onílàjà, onílàjà sì ní kí wọ́n dá wọn padà sẹ́nu iṣẹ́. Lára ìdí tó fi sọ bẹ́ẹ̀ ni pé ìtàkùrọ̀sọ ìkọ̀kọ̀ ni, àti pé obìnrin náà kò fẹjọ́ sùn. Ní ọdún 2024 ilé ẹjọ́ Òǹtáríò fagi lé ìpinnu náà, ó ní kí onílàjà mìíràn tún un gbọ́. Ní 2025, Ilé Ẹjọ́ Kòtẹ́mílọ́rùn Òǹtáríò fọwọ́ sí ohun tí ilé ẹjọ́ ìṣáájú ṣe: ojúṣe láti wádìí kò dúró lórí pé kí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ kọ̀wé. Ó tún kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe wo bí obìnrin náà ṣe lọ́ra bí ẹ̀rí pé ọ̀rọ̀ náà kò dùn ún. Ẹ̀rù lè máa bà á. Ó lè má fẹ́ kí wọ́n máa nàka sí i níbi iṣẹ́. Láàárín tiwa ẹ̀wẹ̀, ó lè jẹ́ pé ìyàwó pásítọ̀ ló bẹ̀ ẹ́.

Ẹ kíyè sí i pé ilé ẹjọ́ kò fi èyí sọ pé lílé ni ìyà tó tọ́. Ìyẹn ṣì jẹ́ ọ̀rọ̀ onílàjà tuntun. Ohun tó dá lójú ni pé «kò fẹjọ́ sùn» àti «ó ti dárí jì í» kò ti fáìlì.

Kí wá ni kí ẹ ṣe bí ẹni náà bá ní òun kò ní sọ̀rọ̀? Ẹ má fipá mú un. Ẹ sọ fún un pé òfin ló ní kí ẹ wádìí, kì í ṣe òun, kí ẹ sì sọ bákan náà fún ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn, kó má baà máa rò pé ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ ló ta òun. Ẹ gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu àwọn tó wà níbẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹ pè é, ọjọ́ tí ẹ pè é, àti pé ó kọ̀. Ìwádìí náà lè kúrú. «Ìwádìí tó bá bí ọ̀rọ̀ ṣe rí mu» ni òfin béèrè, kì í ṣe ìwé olójú-ewé ọgọ́rùn-ún.

Gbígbà á

Ẹ̀sùn lè wá lẹ́nu, lórí fóònù, nínú ìwé tí kò lórúkọ. Ẹ gbà á bó ṣe wá, ẹ kọ ọjọ́ àti wákàtí sí i, ẹ fi ọ̀rọ̀ ẹni náà gan-an sílẹ̀, kì í ṣe àlàyé tiyín. Ẹ má fi ránṣẹ́ sí gúrúùpù àwọn ọ̀gá. Ẹni tó gbọ́dọ̀ mọ̀ kí iṣẹ́ tó lè lọ nìkan ni kó mọ̀. Bó bá jẹ́ ọ̀gá àgbà ni wọ́n ń fẹjọ́ rẹ̀ sùn, òfin ní kí ọ̀nà mìíràn wà tí òṣìṣẹ́ lè gbà sọ ọ́, kí ẹ sì ti kọ ọ̀nà náà sílẹ̀ ṣáájú. Ẹ̀gbọ́n ọ̀gá tó jẹ́ akọ̀wé owó kì í ṣe ọ̀nà mìíràn.

Wíwádìí: àpẹẹrẹ kan

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ tí àwa fúnra wa hun ṣe é. Ní ọjọ́ Mọ́ńdè, 3 oṣù kẹta 2025, obìnrin kan tó ń tọ́jú àgbàlagbà nílé wọn sọ fún olùdarí àjọ rẹ̀ pé ọkùnrin tó ń pín iṣẹ́ ń fi ara òun ṣe yẹ̀yẹ́ lójú àwọn ẹlẹgbẹ́, àti pé lẹ́yìn tí òun bá a wí, ó gé wákàtí iṣẹ́ òun kù. Lọ́jọ́rú ó pe olùdarí padà: wọ́n ti bá àwọn parí ẹ̀, kí wọ́n gbàgbé rẹ̀.

Olùdarí kò gbàgbé rẹ̀. Ó wá ẹni tí yóò wádìí. Ẹni náà kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn, kò sì gbọdọ̀ wà lábẹ́ àṣẹ rẹ̀. Àjọ kékeré ni, gbogbo òṣìṣẹ́ ló ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọkùnrin yìí, nítorí náà ó gba ẹni ìta tó mọ iṣẹ́ náà. Ó gba pípín iṣẹ́ obìnrin náà lọ́wọ́ ọkùnrin yẹn fún ìgbà díẹ̀, ó fún ẹlòmíràn. Ọkùnrin náà ni wọ́n yí iṣẹ́ rẹ̀ padà, kì í ṣe obìnrin náà. A rí i léraléra tí wọ́n ń gbé ẹni tó sọ̀rọ̀ kúrò «kí ara lè tù ú», tí owó rẹ̀ wá ń dín kù.

Olùwádìí gbọ́ tẹnu obìnrin náà, torí ó gbà láti sọ̀rọ̀ nígbẹ̀yìn. Ó gbọ́ tẹnu ẹlẹgbẹ́ méjì. Ó gba ìwé tí wọ́n fi ń pín iṣẹ́ láti oṣù kìíní dé oṣù kẹta, nítorí ìwé yẹn ni yóò sọ bóyá wákàtí rẹ̀ nìkan ló dín kù tàbí ti gbogbo ènìyàn. Lẹ́yìn náà ó pe ọkùnrin náà, ó ka ohun tí wọ́n sọ pé ó ṣe fún un lọ́kọ̀ọ̀kan, ọjọ́ rẹ̀ àti ibi tó ti ṣẹlẹ̀. «Wọ́n ní o máa ń ṣe yẹ̀yẹ́» kò tó. Kò sẹ́ni tó lè dáhùn ìyẹn. Ó padà lọ bá obìnrin náà lórí ohun tí ọkùnrin náà sọ, ó sì kọ ìròyìn.

Ìlànà tí ìjọba Òǹtáríò fi ṣàlàyé òfin yìí ní kí ìwádìí parí láàárín 90 ọjọ́, àfi bí ohun tó lágbára bá dí i lọ́wọ́. Bí a bá kà á láti 3 oṣù kẹta, ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà ni yóò pé. Ní tiwọn, ó parí ní Fúráìdè, 11 oṣù kẹrin.

Tí ọ̀rọ̀ bá jẹ́ ti owó tàbí ìwà ìbàjẹ́

Ọgbọ́n kan náà ni, àmọ́ ẹ má bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tó kọ̀wé. Wíwá a kiri fúnra rẹ̀ lè di ẹ̀sùn tuntun. Òfin ìwà ọ̀daràn Kánádà, abala 425.1, sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ fún agbanisíṣẹ́ láti fìyà jẹ òṣìṣẹ́ tàbí halẹ̀ mọ́ ọn nítorí kó má baà tú àṣírí ìwà ọ̀daràn fún àwọn agbófinró. Ẹ̀wọ̀n rẹ̀ lè tó ọdún márùn-ún. Òṣìṣẹ́ Ìlú Tòróńtò ní ìlà fóònù ti Olùyẹ̀wé-owó-wò Àgbà, tó ti wà láti 2002, ó sì lè pè é láì dárúkọ ara rẹ̀.

Pípa á dé

Láàárín ọjọ́ 10 lẹ́yìn tí ìwádìí parí, ìlànà ìjọba ní kí ìwé èsì dé ọwọ́ àwọn méjèèjì: ẹni tó jìyà, àti ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn bó bá jẹ́ òṣìṣẹ́ yín. Ọjọ́ inú kàlẹ́ńdà ni. Àpẹẹrẹ wa parí ní 11 oṣù kẹrin, nítorí náà 21 oṣù kẹrin ni òpin. Ọdún Àjíǹde wà láàárín, òun náà wà nínú ìṣirò. Ẹ kò ní láti fún wọn ní ìròyìn olùwádìí lódindi. Ohun tí ẹ rí àti ohun tí ẹ ṣe tàbí fẹ́ ṣe ni ẹ ó kọ. «A ti bójú tó o» kì í ṣe èsì. Bí ìwádìí kò bá rí ẹ̀rí, ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Bí wọ́n bá ti parí ìjà lóòótọ́, ẹ kọ ìyẹn náà sínú fáìlì, pẹ̀lú orúkọ ẹni tó bá wọn parí ẹ̀. Ohun kan ni láàárín ọ̀pọ̀.

Ẹ fi ẹ̀sùn, àkọsílẹ̀ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, ìròyìn, ẹ̀dà ìwé èsì méjèèjì àti ohun tí ẹ ṣe pamọ́ fún ọdún kan ó kéré tán. Láàárín ọdún yẹn, ẹ máa wo wákàtí iṣẹ́ ẹni tó sọ̀rọ̀. Bó bá dín kù, tí ẹni náà sì gbé yín lọ síwájú ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ ẹjọ́ iṣẹ́ ní Òǹtáríò pé ẹ gbẹ̀san, ẹ̀yin lẹ máa fi hàn pé kì í ṣe ìgbẹ̀san, kì í ṣe òun ló máa fi hàn pé ìgbẹ̀san ni.

Bí ẹ kò bá wádìí, ìjọba lè pàṣẹ pé kí ẹni ìta wá wádìí, owó yín ni yóò sì fi ṣe é. Òṣìṣẹ́ tó bá fẹ́ béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí iṣẹ́ lè pe 1-877-202-0008. Ẹ̀yin agbanisíṣẹ́ náà lè pè é.