Okùn Aago Wo Ló Yẹ Ọwọ́ Wa Lásìkò Òjò?

Gbogbo wa la mọ̀ pé fóònù ò gbọdọ̀ wọ gbọ̀ngàn ìdánwò Wáẹ́ẹ̀kì. Aago ọwọ́ ni a ó máa wò. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wa ló ń bọ́ aago sápò, torí pé ọwọ́ ń yún wa. Èmi náà bọ́ tèmi nígbà ìdánwò táàmù tó kọjá. Nígbà tí wọ́n ní ká gbé bírò sílẹ̀, ìbéèrè kan ṣì wà tí n kò fọwọ́ kàn. Aago mi ò ṣẹ̀, okùn rẹ̀ ló ṣẹ̀.

Nígbà ọyẹ́, òógùn máa ń gbẹ kó tó ṣàn. Ṣùgbọ́n tí òjò bá ti dé sí Ìṣẹ́yìn níbí, afẹ́fẹ́ fúnra rẹ̀ ti kún fún omi, òógùn ò sì tètè gbẹ. Nítorí náà, ohun kan ṣoṣo ni ká bi okùn aago: òógùn tó bá dé abẹ́ rẹ, ibo ló ń gbà lọ?

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ lórí awọ. Awọ ń mu òógùn bí búrẹ́dì ṣe ń mu tíì, ṣùgbọ́n kì í tètè gbẹ. Mo dán an wò lóṣù keje. Mo ki okùn awọ kan àti okùn aṣọ kan bọ omi iyọ̀ ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, mo sì fi wọ́n kọ́ sínú yàrá. Kí a tó sùn, ti aṣọ ti gbẹ. Nígbà tí mo ń bọ̀ nílé ìwé láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ti awọ ṣì tutù. Awọ tí a ń wọ̀ lójoojúmọ́ ò wá ráyè gbẹ rárá. Àwọn kòkòrò tí ojú ò lè rí á máa pọ̀ nínú rẹ̀, á máa rùn, á sì já níbi ihò. Ẹ jẹ́ kó di ìgbà ọyẹ́ kí ẹ tó wọ̀ ọ́. Èyí tí wọ́n ń tà ní owó pọ́ọ́kú, ẹ wo etí rẹ̀ dáadáa: tí ẹ bá rí aṣọ tàbí páálí lábẹ́ rọ́bà fẹ́lẹ́, kì í ṣe awọ, yóò bó.

Rọ́bà ò mu òógùn, ṣùgbọ́n kì í jẹ́ kó jáde. Omi á há sáàárín rọ́bà àti ara, ara á rọ, á sì sú. Tó bá jẹ́ rọ́bà lẹ fẹ́, ẹ ra èyí tó ní ojú ihò tàbí ìlà jíjìn lábẹ́. Ẹ so ó débi tí ọmọ ìka yín á lè wọ abẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì máa fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ lálaalẹ́. Èyí tó bá funfun níbi tí ẹ ti ká a, ibẹ̀ ló máa ti là.

Ṣéènì irin ní àlàfo tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, ìyẹn dára. Irin tí kì í dípẹtà ò ní wàhálà púpọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ èyí tó rọjú jẹ́ irin mìíràn tí wọ́n fi àwọ̀ wúrà tàbí fàdákà bò. Iyọ̀ inú òógùn á jẹ àwọ̀ náà kúrò, irin kan tó ń jẹ́ níkẹ́ẹ̀lì á wá máa kan ara. Ara àwọn kan kì í gbà á. Ẹ ó mọ̀ ọ́n tí ara bá sú ní ìrísí ṣéènì náà gan-an. Ẹ má sì jẹ́ kí ohun tí wọ́n kọ sẹ́yìn aago tàn yín jẹ o. Tí wọ́n bá ní ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ irin tí kì í dípẹtà, ìdérí ẹ̀yìn nìkan ni wọ́n ń wí, kì í ṣe ṣéènì.

Aṣọ ni mo wá mú. Èyí tí mò ń wí ni aṣọ náílọ́ọ̀nù, kì í ṣe ti àpò búrẹ́dì, bí kò ṣe irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe okùn báàgì ilé ìwé wa. Òógùn ń gba ojú híhun rẹ̀ jáde, ó ń tètè gbẹ, a sì lè fọ̀ ọ́. Àwọn ológun Bìrìtìkó fọwọ́ sí irú rẹ̀ fún aago wọn ní ọdún 1973. Okùn gígùn kan ni, ó ń gba ẹ̀yìn aago kọjá, tó fi jẹ́ pé bí irin kékeré tó di aago mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bá yọ, aago ò ní já bọ́.

Mo mọ̀ pé ẹ ó ní, òfì Ìṣẹ́yìn ńkọ́? Ó dára fún ọjọ́ ìnáwó. Ṣùgbọ́n òwú ń pẹ́ kó tó gbẹ ju náílọ́ọ̀nù lọ, tí a bá sì gé òfì tẹ́ẹ́rẹ́, etí rẹ̀ á máa tú àyàfi tí télọ̀ bá rán an mọ́lẹ̀.

Kí ẹ tó ra èyíkéyìí, ẹ fi rúlà wọn àlàfo tí okùn ń wọ̀ lára aago. Tó bá jẹ́ mìlímítà 18, okùn 20 ò ní wọ̀ ọ́. Èmi ra méjì fún aago kan: bí ọ̀kan bá wà lórí okùn tí a ń sá aṣọ sí, èkejì á wà lọ́wọ́ mi. Láti ìgbà náà, n kò bọ́ aago sápò mọ́.