Dáì Irun: Ẹ Kọ́kọ́ Wo Ohun Tó Wà Nínú Páálí

Bí ẹ bá ra dáì irun, ẹ má tíì wo àwọ̀ orí obìnrin tí wọ́n yà sára páálí. Ẹ kọ́kọ́ wo ohun tó wà nínú rẹ̀. Bó bá jẹ́ ike kan ṣoṣo ni, tí wọ́n ní kí ẹ fi kun irun bó ṣe wà, àwọ̀ irun tí Ọlọ́run fún yín ṣì máa wà níbẹ̀ lábẹ́ dáì náà. Bó bá jẹ́ ike méjì tí ẹ gbọ́dọ̀ pò pọ̀, ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀. Ike kejì yẹn ni háídírójìn pẹrọ́sáìdì, tí àwọn onídìrí ń pè ní dẹfẹ́lọ́pà, òun ló sì máa ń mú kí àwọ̀ wọ inú irun tí kò fi ní tètè kúrò.

Èèpo fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló bo fọ́nrán irun kọ̀ọ̀kan, wọ́n tò léra wọn bí ìpẹ́ ẹja. Abẹ́ èèpo yìí ni mẹ́lánìn wà, ohun tó ń mú irun dúdú. Ibi tí dáì bá dé lára fọ́nrán náà ni yóò sọ bó ṣe máa pẹ́ tó.

Dáì tẹ́ńpórárì kì í kọjá orí èèpo. Sípíréè aláwọ̀, jẹ́ẹ̀lì aláwọ̀ àti ẹfun tí wọ́n ń fà sí irun wà lára wọn. Ẹ fọ orí lẹ́ẹ̀kan, ó ti lọ. Òógùn àti òjò náà lè mú un ṣàn sọ́rùn aṣọ, nítorí náà, kò yẹ fún ẹni tó máa jó lóde nínú léèsì funfun.

Dáì sẹmi-pámánẹ́ǹtì kò ní pẹrọ́sáìdì. Ó ń yọ́ wọ abẹ́ etí èèpo díẹ̀, ó sì ń ṣí díẹ̀díẹ̀ bí ẹ ti ń fọ irun, láàárín ìfọ̀ mẹ́rin sí méjìlá. Kò lè mú irun dúdú pọ́n, torí kò sí ohun tó máa yọ mẹ́lánìn kúrò. Ẹni tó bá fi aláwọ̀ wáìnì kun irun dúdú kìjikìji á rí dídán pupa díẹ̀ nínú oòrùn, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n tí ewú bá wà lórí náà, ewú ò ní dúdú kankan tó máa bo àwọ̀ yẹn mọ́lẹ̀, pupa fòò ló máa di, nígbà tí irun tó yí i ká ṣì dúdú. Ibí yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ ẹni tó kọ́kọ́ kun irun nílé ti ń ṣe kàyéfì.

Dẹmi-pámánẹ́ǹtì ní pẹrọ́sáìdì, àmọ́ kò le. Ó sábà máa ń jẹ́ ìdá 3 nínú ọgọ́rùn-ún tàbí kí ó má tó bẹ́ẹ̀, púpọ̀ nínú wọn ni kò sì ní amóníà. Àwọ̀ náà ń wọlé, ó ń so pọ̀ nínú irun, ó sì lè tó nǹkan bí ogún ìfọ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó ṣí tán. Kì í mú irun mọ́lẹ̀ ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ lọ́nà tó hàn. Kì í bo gbogbo ewú bí pámánẹ́ǹtì ti ń bò ó, ṣùgbọ́n ó ń pa á pọ̀ mọ́ irun yòókù tí ojú kò fi ní tètè yà á sọ́tọ̀.

Ti pámánẹ́ǹtì, amóníà tàbí ohun tó fara jọ ọ́ ń wú èèpo irun sókè, pẹrọ́sáìdì tó sábà máa ń jẹ́ ìdá 6 tàbí 9 nínú ọgọ́rùn-ún ń jẹ mẹ́lánìn, àwọ̀ tuntun sì ń gba ipò rẹ̀. Mẹ́lánìn tó ti lọ kò ní padà. Bí irun dúdú bá sì ti ń pàdánù rẹ̀, pupa àti ọsàn ló máa ń yọ lábẹ́, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ẹni tó fẹ́ àwọ̀ kọfí aláwọ̀ eérú fi ń bá ara wọn pẹ̀lú irun tó pọ́n bí ìpáta. Tí onítọ̀hún bá tún ra pámánẹ́ǹtì mìíràn láti tún un ṣe, kò ní mú un mọ́lẹ̀ sí i: dáì kì í yọ dáì. Búlíìṣì lè yọ ọ́, iṣẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n onídìrí sì nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká mú obìnrin ẹni ọdún 48 kan. Irun rẹ̀ dúdú, kò fi rílásà sí i, ewú sì ti bọ́ sí ẹ̀bátí rẹ̀ méjèèjì. Kò kun irun rí. Dẹmi-pámánẹ́ǹtì ni mo máa ní kí ó mú, kí ó sì yan búráùn tó dúdú jù dípò dúdú kìjikìji. Dúdú kìjikìji máa ń le lójú lára ewú, ó sì nira láti yọ bí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn. Bí wọ́n bá ti kun ẹ̀bátí ní pámánẹ́ǹtì ní ìgbà àkọ́kọ́, ìlà funfun á yọ ní ìdí irun láàárín oṣù kan, torí irun ń hù tó sẹ̀ntímítà kan lóṣù. Ti dẹmi á ṣí lọ wẹ́rẹ́, ìlà yẹn kò sì ní hàn tó bẹ́ẹ̀.

Ní alẹ́ Ọjọ́rú, ó fi dáì díẹ̀ kan ẹ̀yìn etí tàbí ibi tí apá ti ń ṣẹ́ po, gẹ́gẹ́ bí ìwé inú páálí ṣe sọ. Ó dúró fún wákàtí 48. Èyí kì í ṣe àṣejù. Ọ̀pọ̀ dáì pámánẹ́ǹtì àti dẹmi ló ní kẹ́míkà tí wọ́n ń pè ní PPD, ara ẹlòmíràn sì máa ń kọ̀ ọ́. Ohun tó le jù ni pé ó lè má ṣe ènìyàn ní nǹkan kan lẹ́ẹ̀kíní, kí ara kọ̀ ọ́ nígbà kejì tàbí ìkẹta. Bí ibẹ̀ bá yún, tó pọ́n tàbí tó wú, kò gbọ́dọ̀ lò ó rárá. Bí ojú bá wú tàbí èémí bá ń ṣòro lẹ́yìn tó ti kun irun, ilé ìwòsàn ni kó gbà lọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. A kì í sì fi dáì orí kun ìpéǹpéjú.

Dáì oníyẹ̀fun dúdú tí àwọn ọkùnrin ń fi omi lásán pò fún irùngbọ̀n máa ń tan ènìyàn jẹ. Kò ní ike kejì, ṣùgbọ́n ohun tó ń ṣiṣẹ́ bíi pẹrọ́sáìdì ti wà nínú ìyẹ̀fun, omi ló ń jí i. Pámánẹ́ǹtì ni, ìdánwò wákàtí 48 sì kàn án.

Ní alẹ́ ọjọ́ Jímọ̀, bí ibẹ̀ kò bá ṣe nǹkan kan, obìnrin yìí fi faselíìnì pa etí orí rẹ̀, ó wọ ìbọ̀wọ́, ó pò dáì náà nínú abọ́ ike, nítorí irin lè ba á jẹ́. Ó pín irun sí mẹ́rin, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀bátí, torí ewú máa ń pẹ́ gba àwọ̀. Aago ni yóò tẹ̀ lé, iye ìṣẹ́jú tó wà nínú ìwé, kì í ṣe bí àwọ̀ ṣe rí lójú, nítorí dáì tó tutù máa ń dúdú ju ohun tó máa kù sórí lọ. Lẹ́yìn náà, ó fi omi ṣan án títí omi fi mọ́. Èyí tó kù nínú abọ́, ó dà á nù. Bí ó bá dé e sínú ike, afẹ́fẹ́ tó ń jáde lára rẹ̀ lè fọ́ ike náà.

Ẹni tí kò ní ewú, tó kàn fẹ́ kí irun rẹ̀ pọ́n díẹ̀ nínú oòrùn, kí ó mú sẹmi-pámánẹ́ǹtì, kí ó kun ún sí irun tó mọ́, tí kò ní òróró. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe rílásà, kí ó fi ọ̀sẹ̀ méjì sí i kó tó lo ohunkóhun tó ní pẹrọ́sáìdì, torí èèpo irun rẹ̀ ti rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹni tó sì fẹ́ kúrò ní dúdú lọ sí pupa ìgbẹ́ oyin, kí ó jókòó sórí àga onídìrí tó ti ṣe é fún irun bíi tirẹ̀ rí.