Àyè Tó Yẹ Kó Ṣẹ́kù Lórí Epo Inú Àgbá

Ní ilé epo, ọ̀rọ̀ tó wọ́pọ̀ lẹ́nu ẹni tó gbé àgbá wá ni, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọ ọ́ kó kún dáadáa." Ó fẹ́ rí epo ní ẹnu àgbá pẹ̀lú ojú ara rẹ̀ kó tó gbà pé owó òun pé. Bí àyè bá ṣẹ́kù lókè, ọkàn rẹ̀ a máa sọ fún un pé wọ́n ti rẹ́ òun jẹ. Ṣùgbọ́n àwọn tó ṣe àgbá náà ló dìídì fi àyè yẹn síbẹ̀, ẹni tó bá sì fi epo dí i pa ti gbé ewu lọ sílé.

Àgbá irin tí gbogbo wa ń pè ní àgbá lítà 200 kì í gba lítà 200 nìkan. Bí ẹ bá rọ omi sínú ọ̀pọ̀ nínú wọn títí tó fi dé ẹnu, nǹkan bí lítà 216 ni yóò gbà. Lítà 16 tó lé yẹn ni àyè tí epo yóò wú sí nígbà tí oòrùn bá pa á. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá owó òun pé, nọ́ńbà tó wà lójú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ta epo ni kó máa wò. Nígbà tó bá ti ka 200, kí wọ́n dá a dúró.

Gbogbo ohun olómi ló ń wú bí ó bá gbóná, ṣùgbọ́n wọn kì í wú bákan náà. Tí omi bá kúrò ní dígírì 25 tó sì dé dígírì 55, ohun tó ń fi kún ara rẹ̀ kò ju lítà kan lọ púpọ̀ nínú lítà 100. Bẹntiróòlù yóò fi nǹkan bí lítà mẹ́ta kún un láàárín ìwọ̀n ooru kan náà. Kẹrosín àti dísẹ́ẹ̀lì kò jìnnà sí i, àmọ́ ti dísẹ́ẹ̀lì dín díẹ̀. Ìdí nìyí tí ẹni tó ti ń pọn omi sínú àgbá láti kékeré, tí kò sì rí láburú rí, fi lè rò pé bí òun ti ń ṣe omi náà ni òun lè ṣe epo.

Ọ̀nà kan wà tí a lè gbà ṣírò rẹ̀ láìlo ìwé. Nínú lítà 1,000 bẹntiróòlù, dígírì kan tí ooru bá fi lé ń bí nǹkan bí lítà kan sí i. Àgbá lítà 200 jẹ́ ìdá kan nínú márùn-ún ìyẹn, nítorí náà dígírì márùn-ún ń mú lítà kan wá. Ti dísẹ́ẹ̀lì tó dígírì mẹ́fà kí lítà kan tó lé. Ohun tó kù ni kí a mọ bí epo náà ṣe gbóná tó nígbà tí a rọ ọ́, àti bí ó ṣe lè gbóná tó níbi tí a máa gbé e sí.

Epo inú táńkì tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ ní ilé epo kì í gbóná púpọ̀, nítorí ilẹ̀ ń bò ó mọ́lẹ̀ lọ́sàn-án àti lóru. Ní ilẹ̀ Yorùbá, a lè fi í sí nǹkan bíi dígírì 27. Ní ti ibi tí ooru lè dé, ìlànà Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lórí kíkó ẹrù eléwu sọ pé ohun olómi kò gbọdọ̀ kún inú àgbá tàbí kẹ́ẹ̀gì pátápátá bí ooru rẹ̀ bá dé dígírì 55. Ó dára kí a fi òdiwọ̀n yẹn ṣiṣẹ́. Kì í ṣe gbogbo ọjọ́ ni epo inú àgbá ń gbóná tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n àgbá dúdú tó wà lórí kọnkéré nínú oòrùn oṣù kẹta lè gbóná débi pé ọwọ́ kò ní lè dúró lára rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú ìyá kan tó ń fi ẹ̀rọ rin ẹ̀gẹ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ó ra dísẹ́ẹ̀lì ní òwúrọ̀, ó ní kí wọ́n rọ ọ́ kún dé ẹnu, wọ́n sì rọ lítà 216. Ó de ìdérí rẹ̀ pinpin, ó sì gbé e sí ẹ̀yìn ilé níbi tí oòrùn ti ń pa á. Bí epo yẹn bá kúrò ní dígírì 27 tó sì dé 55, ó ti fi dígírì 28 gbóná sí i, yóò sì fẹ́ fi lítà márùn-ún lé. Irin àgbá náà ń wú pẹ̀lú, ṣùgbọ́n àyè tí irin bí sí i kò tó ìdá mẹ́rin lítà kan. Lítà mẹ́rin ó lé díẹ̀ ló wá kù tí kò rí ibi tí yóò lọ.

A lè fún afẹ́fẹ́ mọ́ra, ó sì máa ń gbà. Epo kì í gbà. Bí àgbá bá jẹ́ ohun tí kò lè wú rárá, tí kò sì sí afẹ́fẹ́ kankan nínú rẹ̀, dígírì kan péré yóò mú kí epo máa ti ara àgbá láti inú ju bí afẹ́fẹ́ ṣe ń ti táyà mọ́tò lọ ní ìlọ́po mélòó kan. Ohun tó ń gba àgbá irin là ni pé orí rẹ̀ àti ìdí rẹ̀ lè yọ síta. Ohun tí ìyá yẹn yóò kọ́kọ́ rí nìyẹn: orí àgbá tó tẹ́jú tẹ́lẹ̀ yóò yọ gọngọ, epo yóò sì máa yọ́ jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdérí tàbí ní ojú ibi tí wọ́n ti pa irin pọ̀. Bó bá tún tutù, orí náà lè má padà sí bó ṣe wà mọ́, ibi tó ti yọ́ lọ́jọ́ yẹn yóò sì máa yọ́ títí.

Ká ní lítà 200 ló rà, lítà 4.7 ni epo náà yóò fi lé. Lítà 16 ló ní lókè. Yóò sì tún ku afẹ́fẹ́ tó lé ní lítà 11 tó lè fún mọ́ra.

Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló ń rọ epo níbi tí ẹ̀rọ ti ń ka lítà. Ẹni tó ń rọ ọ́ láti inú àgbá kan sí òmíràn lè fi ọ̀pá wọ̀n ọ́n. Àgbá lítà 200 fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 57 nínú, èyí sì túmọ̀ sí pé sẹ̀ǹtímítà kan gíga nínú rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi lítà méjì àtààbọ̀. Bí ẹ bá fi ìbú ìka mẹ́ta sílẹ̀ láàárín ojú epo àti abẹ́ orí àgbá, ìyẹn bíi sẹ̀ǹtímítà márùn-ún, ẹ ti fi lítà 12 tàbí jù bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Ó tó fún bẹntiróòlù pàápàá. Abẹ́ irin orí àgbá ni kí ẹ ti wọ̀n ọ́n o, kì í ṣe etí tó yọ sókè yí i ká, torí etí yẹn ga ju orí gan-an lọ. Fún kẹ́ẹ̀gì lítà 25, kí epo inú rẹ̀ má kọjá lítà 24.

Ohun kan wà tí àyè kò lè yanjú. Bẹntiróòlù ń yọ oru, oru yẹn sì ń pọ̀ bí ooru ṣe ń pọ̀. Ìdí nìyí tí kẹ́ẹ̀gì bẹntiróòlù tí epo kò tilẹ̀ dé ìdajì rẹ̀ fi lè wú nínú bùútù mọ́tò. Ẹ má ṣe fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, ẹ má sì já ìdérí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà nínú oòrùn. Ẹ gbé e sí ibòòji títí ara rẹ̀ yóò fi tutù, lẹ́yìn náà ni kí ẹ tú ìdérí náà díẹ̀díẹ̀, kí oru lè máa jáde wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Oru yẹn wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ló ń rá pálá lé, ó sì lè dé ìdí àdògán tàbí jẹnẹrétọ̀ tó jìnnà díẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀. Bí àgbá irin náà bá wú, ọ̀nà kan náà ni kí ẹ gbà. Ẹ da omi tútù sí i lára, kí ẹ sì kọ́kọ́ tú ẹnu kékeré rẹ̀. Ti dísẹ́ẹ̀lì kò le tó bẹ́ẹ̀, nítorí oru rẹ̀ kéré gan-an.

Nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú, ohun tó wú lọ́sàn-án yóò sún kì. Lítà 200 dísẹ́ẹ̀lì tó kúrò ní dígírì 45 bọ́ sí 25 yóò dín ní lítà mẹ́ta ó lé. Afẹ́fẹ́ tó wà lókè rẹ̀ náà yóò sún kì, àgbá yóò sì máa fa afẹ́fẹ́ láti ìta níbikíbi tó bá ti rí àyè. Bí rọ́bà ìdérí bá ti gbó, tí àgbá dúró lóòró, tí òjò sì ti rọ̀ sórí rẹ̀, kì í ṣe afẹ́fẹ́ ni yóò fà, omi òjò tó dúró lórí rẹ̀ ni. Ó lè ṣe bẹ́ẹ̀ ní alaalẹ́ fún odindi ìgbà òjò. Omi wúwo ju dísẹ́ẹ̀lì lọ, ó ń rì sísàlẹ̀, ibẹ̀ ni ọ̀pá tí a fi ń fa epo sì máa ń dé. Ọ̀pọ̀ ẹni tí ẹ̀rọ rẹ̀ ń kú lójijì máa ń bínú sí ilé epo pé wọ́n fi omi lú epo, nígbà tó jẹ́ pé ẹ̀yìn ilé rẹ̀ ni omi náà ti wọlé.

Ibi tí ìtọ́jú rẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀ ni ìdúró àgbá. Ẹ lè tẹ́ ẹ sílẹ̀ lórí igi méjì, kí ẹnu ńlá àti ẹnu kékeré rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀tún àti òsì lórí ìlà kan tó tẹ́jú, kí epo lè bo àwọn méjèèjì láti inú. Àgbá kò ní lè fa afẹ́fẹ́ tàbí omi níbi tí epo bá ti bo ẹnu rẹ̀, ṣùgbọ́n ìdérí rẹ̀ gbọ́dọ̀ le dáadáa kó má baà máa jò. Bó bá jẹ́ ìdúró ni kó wà, ẹ ki igi sábẹ́ ẹ̀gbẹ́ kan kó fi díẹ̀ dagun, kí omi òjò lè kó jọ sí ibi tó jìnnà sí ẹnu méjèèjì. Ibòòji sàn ju gbogbo rẹ̀ lọ, torí epo tí kò gbóná púpọ̀ lọ́sàn-án kò ní sún kì púpọ̀ lóru.

Àwọn tó ń se epo pupa mọ ìdàkejì ọ̀rọ̀ yìí dáadáa, bí wọn kò tilẹ̀ ṣírò rẹ̀. Epo tí wọ́n rọ sínú kẹ́ẹ̀gì nígbà tó ṣì wà ní dígírì 80 yóò dín ní lítà mẹ́ta sí mẹ́rin nínú 100 kó tó tutù dé dígírì 28. Nínú kẹ́ẹ̀gì lítà 25, ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ pé lítà kan. Bí wọ́n bá ti dé e pinpin nígbà tó gbóná, ẹ̀gbẹ́ kẹ́ẹ̀gì á wọlé sínú, oníbàárà tó rà á lọ́nà jíjìn á sì sọ pé kò pé. Epo tó ti tutù ni kí wọ́n máa wọ̀n fún un.