Ilé Ìwòsàn Gba 35: Kí Ni Máàkì Náà Ń Sọ?

Tí aláìsàn bá dé ilé láti ọ̀dọ̀ dókítà báyìí, ó lè bá ìbéèrè kan lórí fóònù rẹ̀: "Ṣé ẹ lè júwe wa fún ẹbí tàbí ọ̀rẹ́ yín? Ẹ fún wa ní máàkì, láti 0 dé 10." Fred Reichheld, ará Amẹ́ríkà, ló gbé ìbéèrè yìí jáde lọ́dún 2003 fún àwọn ilé iṣẹ́ tó ń tajà, kó tó di pé àwọn ilé ìwòsàn mú un lò. NPS ni wọ́n ń pe èsì rẹ̀.

Ẹni tó bá fún wọn ní 9 tàbí 10 ni olùpolówó. Ẹni tó bá fún wọn ní 0 sí 6 ni aláròyé. Àwọn tó fún wọn ní 7 tàbí 8 wà láàárín. Wọ́n á wo iye olùpolówó nínú ọgọ́rùn-ún, wọ́n á sì yọ iye aláròyé nínú ọgọ́rùn-ún kúrò nínú rẹ̀.

Ká ní ilé ìwòsàn kékeré kan n'Íbàdàn tọ́jú 320 ènìyàn lóṣù kan, tí 40 nínú wọn sì dáhùn. Olùpolówó jẹ́ 22, aláròyé jẹ́ 8, àwọn 10 wà láàárín. 55 nínú ọgọ́rùn-ún, ẹ yọ 20 kúrò, ó ku 35. Lóṣù kejì, 40 náà ló dáhùn: olùpolówó di 18, aláròyé di 10. Máàkì já sí 20. Ọ̀gá á fẹ́ pe ìpàdé, á fẹ́ bi àwọn nọ́ọ̀sì léèrè ohun tó ṣẹlẹ̀.

Kò tíì sí ẹ̀rí pé ohunkóhun ṣẹlẹ̀. Nínú 40 ènìyàn, bí ẹnì kan ṣoṣo bá kúrò ní 9 bọ́ sí 6, máàkì á fi 5 wálẹ̀. Bí a bá ṣe ìṣirò bí ó ṣe yẹ, 35 tí a rí lọ́dọ̀ 40 ènìyàn lè jẹ́ ohunkóhun láti nǹkan bí 10 títí dé 60. Tó bá jẹ́ 400 ló dáhùn, á wà láàárín 27 sí 43. Ẹni tó bá fẹ́ kí àlàfo yìí dín kù sí ìdajì gbọ́dọ̀ rí ìlọ́po mẹ́rin àwọn tó ń dáhùn. Ní tèmi, kí irú ilé ìwòsàn bẹ́ẹ̀ kó èsì oṣù mẹ́fà pọ̀ kó tó dájọ́. 240 ìdáhùn á jẹ́ kí àlàfo náà wà ní nǹkan bí 10 sókè àti 10 sísàlẹ̀.

Kí wọ́n sì máa kọ 22, 10 àti 8 sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ 35. Ilé ìwòsàn tó ní olùpolówó 14 láìní aláròyé kankan á gba 35 bákan náà, bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ wọn ò jọra rárá.

Ṣùgbọ́n bí ìdáhùn ti wù kó pọ̀ tó, kò ní wo àbùkù tó wà nínú bí a ṣe béèrè. Ta ni àwọn 280 tí kò fèsì? Ìyá àgbà tó jẹ́ pé fóònù ọmọ rẹ̀ ni nọ́ńbà tó wà nínú fáìlì ń bẹ níbẹ̀. Ẹni tó dúró títí tó sú u, tó bá tirẹ̀ lọ láìrí dókítà, kò tilẹ̀ sí nínú 320 yẹn, nítorí náà ìbéèrè kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Tó bá sì jẹ́ nọ́ọ̀sì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gún ènìyàn lábẹ́rẹ́ ló na ìwé sí i, ta ló máa kọ 4 lójú rẹ̀? Ìbéèrè gan-an tún ní ìṣòro láàárín wa: àwọn kan kò fẹ́ júwe ilé ìwòsàn fún ẹnikẹ́ni, torí ó dà bí ẹni ń fi àìsàn wúre fún ọ̀rẹ́. "Bí ara ẹnì kan ò bá yá, ṣé ẹ lè ní kó wá síbí?" á yé wọn jù. Èyí tí a bá sì yàn, ká má yí i padà láàárín ọdún, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ èsì méjèèjì kò ṣeé fi wéra.

Èmi ka ìbéèrè kejì sí ju máàkì lọ: "Kí ló fà á tí ẹ fi fún wa ní iye yìí?" Kí ẹni tí kò tọ́jú aláìsàn náà pe àwọn aláròyé láàárín ọjọ́ méjì, kó gbọ́ wọn yé, kó má jà fún ilé ìwòsàn. Ká ní márùn-ún nínú àwọn mẹ́jọ wa sọ pé àwọn dé ní aago méje, àmọ́ aago mẹ́jọ ààbọ̀ ni ẹni tó ń fún ènìyàn ní káàdì dé. Ọ̀rọ̀ yẹn kò nílò oṣù mẹ́fà. Ẹ yí àkókò tó ń wọṣẹ́ padà, kí ẹ sì máa kọ aago tí aláìsàn dé àti ìgbà tó gba káàdì sílẹ̀. Ìyẹn á tètè fi àtúnṣe hàn ju NPS lọ. Ẹ má so owó oṣù ẹnikẹ́ni mọ́ máàkì, torí wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í tọrọ 10 lọ́wọ́ aláìsàn.

Kì í ṣe gbogbo àròyé ló ń tọ́ka sí àṣìṣe. Ẹnì kan lè fún wọn ní 3 nítorí pé àyẹ̀wò fi hàn pé kò ní ibà, dókítà sì kọ̀ láti fún un lábẹ́rẹ́ ibà. Kí dókítà má yí ìtọ́jú náà padà nítorí máàkì. Ohun tó yẹ kó yí padà ni bó ṣe sọ ọ́: kó fi èsì àyẹ̀wò náà han aláìsàn, kó ṣàlàyé ohun tó lè máa fa ara gbígbóná rẹ̀, kó sì sọ ọjọ́ tó yẹ kó padà wá bí ara kò bá tíì balẹ̀.